Ọ̀fọ̀ ni àbí àìsàn ìsoríkọ́?

“Oṣù kejì rèé tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ẹkún ni ṣáá. Ṣé kò tíì di àìsàn?”

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹkún nìkan kọ́ ni dókítà ń wò. Ìbànújẹ́ ọ̀fọ̀ máa ń wá, á tún lọ: wọ́n rí aṣọ olóògbé, ẹkún dé, tó bá yá, ọ̀rọ̀ ọmọ á tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìsoríkọ́ kì í sábà dẹwọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, fún ọ̀sẹ̀ 2, ọkàn á wúwo lójoojúmọ́ tàbí kí nǹkan kan má dùn mọ́ wọn mọ́, pẹ̀lú àìróorunsùn, àìlèjẹun àti irú wọn, títí àmì á fi pé 5.

Èmi a máa fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn jù. “Ǹ bá ti tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn” ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. “Mi ò wúlò, kò yẹ kí n wà láyé” ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nìkan, ẹ mú wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.