Iṣẹ́ wo ni nọ́ọ̀sì lè ṣe lẹ́yìn àsìkò ilé ìwòsàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn. Mo máa ń ní ọjọ́ ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀, àmọ́ owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Iṣẹ́ ìlera wo ni mo lè máa ṣe fún àwọn ará àdúgbò tí kò ní gba owó ńlá lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Èyí tí mo máa mú ni kí ẹ máa lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà nílé wọn, kí ẹ sì máa yẹ ṣúgà wò fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wọ inú àpò kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi síni lára nílé, ẹ má sì gún abẹ́rẹ́ tí dókítà kò kọ. Owó ń tètè wọlé níbẹ̀, àmọ́ tí ara ẹni náà bá kọ oògùn, kò sí ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn òkè apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ wá aṣọ rẹ̀ tí a ń wé mọ́ apá ní ìwọ̀n méjì, nítorí bí aṣọ náà bá kéré fún apá ìyá tó sanra, ìfúnpá tí ẹ máa kà á ju èyí tó wà lára rẹ̀ lọ. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀n lọ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá sì wà lórí tábìlì tó ṣe déédéé ọkàn. Kò gbọdọ̀ tíì jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ sísọ náà ń gbé e sókè, nítorí náà ẹ kí wọn tẹ́rùn, ẹ béèrè ará ilé gbogbo, kí ẹ tó yọ ẹ̀rọ jáde.

Ká mú ìyá ẹni 70 ọdún kan ní Mọ́kọ́lá, tí ọmọ rẹ̀ ń sanwó láti Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìyá ṣe gun àtẹ̀gùn wọlé, 172/96 ni. Lẹ́yìn ìsinmi, ó di 158/90. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, 154/88. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ẹ ro méjì tó kù pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì: 156/89. Ó ga, ìyá sì ń sọ pé òun ń lo oògùn. Ẹ má jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n gbé oògùn náà wá. Ámúlódípìn 28 ni wọ́n rà ní ọjọ́ 28 sẹ́yìn, ọ̀kan lóòjọ́. 17 ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n jẹ́jẹ́ pé kí ló dé. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ń wú, ìgbà tí orí bá fọ́ àwọn nìkan làwọn ń lò ó. Oògùn yẹn máa ń mú ẹsẹ̀ wú lóòótọ́. Ẹ má yí i padà fúnra yín; ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà wọn, nítorí tí kò bá mọ̀, ó lè fi oògùn mìíràn lé e. Kíka oògùn yìí gan-an ni ìdí tí iṣẹ́ yín fi tó owó tí wọ́n ń san. Ẹ gbàṣẹ lẹ́nu ìyá kí ẹ tó fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí ọmọ.

Ní ti ṣúgà, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ó gbẹ, torí oje máńgòrò lórí ìka lè gbé iye náà sókè. Abẹ́rẹ́ ìgúnka kan fún ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì jù ú sínú ike líle tó ní ìdérí. Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Bí ìfúnpá bá dé 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n, tí èémí ń há tàbí ẹnu wọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, kí wọ́n rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà ló ń jẹ èrè iṣẹ́ yìí. Ká ní ₦1,500 lẹ ń gbà fún ìbẹ̀wò kan, tí ìdánwò ṣúgà ná yín ní ₦240, ìbọ̀wọ́ àti òwú ₦100. Bí ẹ bá fi ₦1,000 wọ ọkọ̀ lọ sílé kan, ₦160 ló kù. Bí ilé 5 bá wà ládùúgbò kan náà, ọkọ̀ di ₦200 fún ilé kan, ₦960 á sì kù. Nítorí náà, ẹ má gba oníbàárà tó jìnnà, kódà tí wọ́n bá bẹ̀ yín.

Ẹ ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ka iṣẹ́ mìíràn léèwọ̀. Bí ẹ bá bọ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ iwájú, òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yá yàrá kan láti máa gba aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ yín fún ìforúkọsílẹ̀.