Ọkọ̀ tí wọ́n kọ SALVAGE sí: ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ wo egungun rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí Kòrólà 2010 tòkunbọ̀ kan ní Òkè-Ìléwó, owó rẹ̀ rọjú. Mo yẹ nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ wò lórí fóònù, ó gbé SALVAGE jáde. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ dára gan-an. Ṣé kí n rà á àbí kí n sá?"

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sá, ẹ má sì tíì sanwó. Mẹkáníìkì yín kò purọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi í. Ẹ́ńjìnnì ṣe é yọ kúrò, kéèyàn gbé òmíràn sí i. Egungun ọkọ̀, ìyẹn àwọn irin tó gbé gbogbo rẹ̀ ró, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sú mi láti máa gbọ́ "ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára" lẹ́nu ẹni tó ti sanwó tán.

SALVAGE kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti kú. Ìṣirò owó ni. Ká ní ọkọ̀ kan tó dọ́là 9,000 ní Amẹ́ríkà, tí àtúnṣe rẹ̀ lọ́hùn-ún yóò sì jẹ 7,000. Ní ìpínlẹ̀ tó bá fi ààlà owó àtúnṣe sí ìdá 75 nínú 100 iye ọkọ̀, 6,750 ni ààlà náà. Àtúnṣe ti kọjá rẹ̀ nìyẹn, iléeṣẹ́ abánigbófò á san owó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á kọ SALVAGE sí ìwé ọkọ̀, ọkọ̀ á di ti gbàǹjo. Owó iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dà àti éábáàgì ló sábà ń gbé iye yẹn ga, iṣẹ́ ọwọ́ tiwa níbí kò sì wọ́n tó tiwọn. Nítorí náà, èyí tí wọ́n gbá ní búùtù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lásán lè jẹ́ ọjà gidi. Èyí tí omi mù ńkọ́? Ẹ sá. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tàbí ilà omi lára rẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan wa Kòrólà rẹ̀ wá bá mi ní Láfẹ́ńwá. Táyà iwájú ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti ṣe aláínmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀dà ọkọ̀ náà ń dán yinrin. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi àkísà nu irin gígùn méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ẹ́ńjìnnì. Lọ́tùn-ún, ojú ibi tí iléeṣẹ́ ti jó irin pọ̀ rí roboto, ó jìn díẹ̀, àyè àárín wọn sì dọ́gba bí ihò ọpọ́n ayò. Lósì, ibi tí wọ́n jó wú gẹ̀dẹ̀gbẹ̀ gba ara irin náà kọjá, wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú tó nípọn bò ó.

Mo mú tépù. Mo wọ̀n láti orí nọ́ọ̀tì ṣọ́kì ọ̀tún dé ihò bóòtù òsì lára irin tó gbé rédíétọ̀ dúró, mo sì tún wọn èkejì láti òsì sí ọ̀tún. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti ju mìlímítà 5 lọ, mo máa ń kọ ọkọ̀ náà. Tirẹ̀ jẹ́ 14. Kò sí aláínmẹ́ǹtì tó lè wo ìyẹn sàn. Èyí tó tún burú ni pé irin gígùn tí wọ́n jó yẹn ni wọ́n ṣe kó rún wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà ìjàǹbá, kí agbára ìkọlù má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Bí wọ́n bá ti fi iná jó o lọ́nà tí kò tọ́, kò ní rún bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tàn án. Iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn fúnra rẹ̀, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Àwọn mìíràn so ó mọ́ iná mìíràn, kí méjèèjì lè máa kú pọ̀. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tilẹ̀ lè tan iná náà jẹ pátápátá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà fi skánà wò ó, kẹ́ ẹ sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ ka déètì tó wà lára lébẹ̀ẹ̀lì nísàlẹ̀ bẹ́líìtì. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti 2010 tí bẹ́líìtì sì jẹ́ ti ọdún tó wà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ìdí.

Ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásí náà, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, sínú Google. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tí wọ́n yà á ní gbàǹjo ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó fọ́ nínú fọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mi ò tíì fojú rí ọkọ̀ yín, nítorí náà mi ò lè ní kẹ́ ẹ rà á. Bí egungun bá pé, tí éábáàgì sì wà, ẹ ná an wálẹ̀ gidigidi sí ìsàlẹ̀ iye Kòrólà tí kò ní àbùkù, torí ẹni tẹ́ ẹ máa tà á fún lọ́la náà yóò yẹ nọ́ńbà yẹn wò. Bí alágbàtà kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ panẹlibítà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.