Ọjọ́ orí maṣíìnì Síńgà: ibi tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa fi maṣíìnì Síńgà ẹlẹ́sẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa ní Ìpẹ́rù. Òdòdó aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀, bọ́bìnnì rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wíìlì rẹ̀ ní ọ̀pá nínú bíi ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti fi pákó kékeré dí ẹ̀gbẹ́ ibi tí orí maṣíìnì jókòó sí lórí tábìlì. Nọ́mbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y9. Bàbá télọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1890 ni wọ́n ṣe é, torí bọ́bìnnì yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, kò lè jẹ́ ọdún 1890. Lẹ́tà Y yẹn nìkan ti já ọ̀rọ̀ náà. Síńgà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1900, nọ́mbà lásán ló wà lára rẹ̀. Láti 1900 ni wọ́n ti ń fi lẹ́tà kan ṣáájú nọ́mbà. Ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́ tó wà ní Kílíbówì, ní ìlú Kláídíbáńkì lórílẹ̀-èdè Skọ́tíláǹdì, ló ni lẹ́tà Y, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Síńgà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ti wá. Lẹ́tà F ni wọ́n ń lò níbẹ̀ fún bíi ọdún mẹ́wàá láti 1910, Y sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 títí di 1935. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà di méjì, EA ló ṣáájú, àwọn bíi EG àti EH sì wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Bí lẹ́tà kan bá ti ka nọ́mbà méje-méje dé òpin, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Y tí 9 tẹ̀ lé, tí nọ́mbà mẹ́fà mìíràn sì wà lẹ́yìn 9 náà, ìparí lẹ́tà náà ló wà. Ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín àwọn ọdún 1930 ni tiyín.

Kí ẹ tó gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ tún nọ́mbà náà kà dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún lórí pẹpẹ irin ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó gbé apá maṣíìnì dúró, lórí ibi tó yọ díẹ̀. Ẹ fi òwú rírọ̀ tí ẹ ti bọ inú epo maṣíìnì nu ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sínú àwọn ihò lẹ́tà. Bí kò bá hàn síbẹ̀, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rírọ̀ rá a. Lẹ́tà náà á jáde. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé Y tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parẹ́ máa ń dà bíi V, ọ̀tọ̀ sì ni V, ọ̀tọ̀ ni Y. Ẹ má sì ka nọ́mbà tó wà lára àwo irin tí a máa ń fà láti rí bọ́bìnnì, pàápàá tí SIMANCO, orúkọ ilé iṣẹ́ Síńgà ní kúkúrú, bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́mbà ẹ̀yà ara maṣíìnì ni ìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń béèrè fún irú rẹ̀ nígbà tó bá bàjẹ́. Bákan náà ni nọ́mbà tí wọ́n dà mọ́ irin ẹsẹ̀. Kò sí èyí tó sọ ọdún nínú wọn.

Ní ti bọ́bìnnì, ibi tí bàbá télọ̀ ti ṣìnà nìyí. Ṣọ́tù tó dà bí ọta ìbọn, tó ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ maṣíìnì pẹ̀lú bọ́bìnnì gígùn nínú, ti jáde lóòótọ́ ní àwọn ọdún 1880. Ṣùgbọ́n Síńgà kò dá a dúró títí wọ àwọn ọdún 1950. Ohun tí ṣọ́tù lè sọ ni ọdún tí maṣíìnì kò lè ṣáájú. Kò lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá wo irin tó gbé ṣọ́tù náà, tí ẹ sì rí bọ́tìnnì kékeré tí a lè tẹ̀ kí ṣọ́tù ta jáde, ìran tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 127 tàbí 128. Bí kò bá sí, 27 tàbí 28 ni. Ìran méjèèjì ṣì ń jáde nígbà lẹ́tà Y, nítorí náà èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò yí ìdáhùn mi padà.

Pákó tí wọ́n fi dí tábìlì yẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ mú tépù, kí ẹ fi wọn pẹpẹ irin tí orí maṣíìnì dúró lé. Síńgà tó tóbi, bíi 27, 127, 15 tàbí 66, máa ń gùn ní ínṣì mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, ó sì fẹ̀ ní ínṣì méje. Ihò tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bá ìwọ̀n yẹn mu. Bí tiyín bá jẹ́ bíi ínṣì méjìlá, 28 tàbí 128 ni, orí kékeré tó jẹ́ pé inú àpótí onígi ni ó máa ń gbé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ẹ wá lọ sí ẹ̀yìn òpó rẹ̀, nísàlẹ̀ wíìlì. Bí ẹ bá rí ibi tó yọ bíi kókó, tí ihò ìdè wà láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń de ọwọ́ ìyípo mọ́. Ọ̀pá inú wíìlì sì ni ìka ọwọ́ ìyípo náà máa ń tì. Bí gbogbo èyí bá bá ara mu, ó jọ pé maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni màmá yín ní, ẹnì kan ló tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ maṣíìnì mìíràn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè fún aṣọ. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí irin ẹsẹ̀ náà lè yàtọ̀ pátápátá sí ti orí.

Òdòdó aláwọ̀ wúrà ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló rọrùn jù láti fi tan èèyàn. A rí àwọn tó ń lẹ òdòdó tuntun mọ́ maṣíìnì tí wọ́n ti tún kùn, títí kan orúkọ Síńgà lára maṣíìnì tí kì í ṣe Síńgà. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ti àtètèkọ́ṣe wà lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán, èékánná kò ní kọ́ etí rẹ̀, yóò sì ti parẹ́ níwájú pẹpẹ níbi tí aṣọ àti ọwọ́ ti ń rá a láti ọdún pípẹ́. Bí wúrà bá mọ́lẹ̀ yòò níwájú pẹpẹ, tí àwo abẹ́rẹ́ sì ti jẹ tán, ẹ fura. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípírítì tàbí tínnà nù ún. Sípírítì máa ń yọ́ ọ̀dà tó bo òdòdó náà, wúrà á sì bá a lọ. Epo maṣíìnì àti òwú rírọ̀ ti tó.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ pè é ní orí Síńgà Kílíbówì ti ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín àwọn ọdún 1930. Bí tépù àti ihò ẹ̀yìn òpó bá sì bá ohun tí mo sọ mu, ẹ fi kún un pé ó jọ pé ọlọ́wọ́ ni tẹ́lẹ̀, orí ẹsẹ̀ mìíràn ló wà báyìí. Ẹ má dá ọdún kan pàtó, torí Síńgà máa ń pín nọ́mbà lódindi fún ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe àwọn maṣíìnì náà tán, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn tó jáde.