Ṣé bọ́ǹbù ló ṣẹ́gun Jámánì?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìwé kan ní gbogbo bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Jámánì nígbà ogun Hítílà, òfo ni. Òmíràn ní bọ́ǹbù yẹn ló ṣẹ́ wọn lápá. Èwo ni kí n sọ fún àwọn ọmọ?

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ fi ìlú méjì péré kọ́ wọn.

Schweinfurt ni àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì bíárìn Jámánì ti ń jáde, irú èyí tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀ ní ẹsẹ̀ mọ́tò. Àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà rò pé bí bíárìn bá tán, tánkì àti bàálù ò ní yí mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1943, wọ́n rán bàálù 291 lọ síbẹ̀. Ọgọ́ta (60) ni kò padà, èèyàn mẹ́wàá-mẹ́wàá ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ǹbù bá ilé iṣẹ́ náà lóòótọ́, òrùlé wó, iná sọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó àlàpà kúrò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ṣì dá pé. Jámánì kó òmíràn lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n lo bíárìn tó wà nípamọ́, wọ́n sì ra kún un ní Súwídìn. Ohun tí òfò bàálù wọ̀nyẹn sì ṣe ni pé oṣù mẹ́rin kọjá kí Amẹ́ríkà tó padà débẹ̀.

Ti Leuna yàtọ̀. Èédú ni wọ́n ń sọ di epo níbẹ̀, nínú páìpù àti táǹkì gìrìwò tí kò ṣeé gbé sá. Wọ́n lù ú ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1944. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tún un ṣe, epo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 28, wọ́n tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ó fi di ìgbà 22, torí pé lásìkò yìí bàálù ajagun Mustang lè sin àwọn tó ru bọ́ǹbù dé ibẹ̀, kí ó sì sìn wọ́n padà. Epo bàálù tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú jáde jẹ́ tọ́ọ̀nù 175,000 ní oṣù Kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án, 5,000 ló kù. Àwọn awakọ̀ òfuurufú Jámánì tuntun ò rí epo kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wá nìyí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nípa Schweinfurt nìkan yóò ní òfo ni. Ẹni tó bá di Leuna mú yóò ní ó ṣiṣẹ́. Harris, ọ̀gá bàálù bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì, ò gba ti epo gbọ́ rárá. Dídáná sun ìlú ló gbà gbọ́. Lójú tèmi, ó ṣì í. Ní Hamburg ní 1943, èèyàn bí 40,000 kú, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí ọmọ kan bá ní bọ́ǹbù nìkan kọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ní oṣù Kẹjọ 1944, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gba orí ilẹ̀ já wọ àárín Ròmáníà, wọ́n sì gba kànga epo tí Jámánì gbójú lé jù.