Ìdáhùn Aládàáṣe Márùn-ún, Ọ́fíìsì Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Àkúrẹ́, a sì ní ẹ̀ka kan ní ìlú Oǹdó. Gmail la fi ń gba ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ sí líìfù ló ń kọ ìdáhùn aládàáṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kò sí méjì tó jọra. Ọ̀gá wa ní kí n kó wọn pọ̀, kí n sọ wọ́n di ọ̀kan tó gún régé. Mo fi márùn-ún nínú wọn ránṣẹ́ sí yín. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹ má tíì fọwọ́ kan èdè wọn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbólóhùn ṣe báyìí, èdè tó dán lẹ ó kàn fi bo ohun tí ọ́fíìsì yín kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹ mú bébà kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: ta ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ wo ni yóò padà, ta ni yóò bá a di iṣẹ́ náà mú, kí ni ẹni náà sì láṣẹ láti ṣe. Ẹ wá ka ìwé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tó wí sábẹ́ ìlà tó yẹ. Ibi tó bá ṣófo, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹ má bá wọn méfò.

Mo ṣe é fún márààrún tí ẹ fi ránṣẹ́. Akọ̀wé owó yín kọ ọ́ pé: “Mo wà ní líìfù, n ó padà 05/06. Bó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè mí.” Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kà á sí, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń to déètì bíi ti Amẹ́ríkà lè kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún. Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó kọ ọ́ pé: “Mò ń lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ fi àdúrà rántí mi. Ẹ kàn sí akọ̀wé owó.” Akọ̀wé owó kan náà yìí ló ní òun wà ní líìfù. Bí ìsinmi àwọn méjèèjì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹni tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ yóò kàn máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni. Ẹ̀ka Oǹdó ṣèlérí pé àwọn yóò dáhùn “láàárín wákàtí 24”. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé ọ́fíìsì yóò wà ní títì “títí di ọjọ́ 28”, mi ò sì lè sọ bóyá ọjọ́ 28 lẹ ó ṣí ni àbí ọjọ́ 29. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbàlejò ló kọ èyí tó dùn ún kà jù: “Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa! Mi ò sí nítòsí, a ó ríra láìpẹ́.” Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, gbogbo ìlà tirẹ̀ ló ṣófo.

Ìlérí wákàtí 24 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ bá ọ̀gá yín. Bí Oǹdó bá ní ọjọ́ kan, tí Àkúrẹ́ sì ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má ṣe pín in sí méjì kí ẹ kọ ọjọ́ méjì. Ẹ bi ẹni tó ń ṣí àpótí ìwé náà léèrè ìgbà tó máa ń ṣí i. Ìwé tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kò lè rí èsì láàárín wákàtí 24 bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ tún ya ohun méjì sọ́tọ̀: jíjẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ti ka ìwé rẹ̀, àti fífọwọ́ sí ohun tó béèrè. Èyí àkọ́kọ́ lẹ lè ṣèlérí ọjọ́ fún. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ló ni èkejì, kò sì sí bí ìdáhùn aládàáṣe ṣe lè gba ẹnu ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí n ó fún yín, mo lo ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀.

Ẹni tí yóò di iṣẹ́ mú ló máa ń fa wàhálà jù. Orúkọ èèyàn lẹ máa ń kọ sí i, èèyàn sì máa ń lọ sí líìfù, a máa ń ṣí i nípò padà láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Èrò tèmi ni pé kí ẹ ṣí àdírẹ́sì àjùmọ̀lò kan fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti àjẹṣẹ́kù, kí òṣìṣẹ́ méjì máa ṣí i. Kò pọn dandan kí wọ́n jọ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo. Nínú ètò Gmail ti àdírẹ́sì náà lórí kọ̀ǹpútà, lábẹ́ `Accounts and Import`, ẹ ó rí `Grant access to your account`. Ibẹ̀ lẹ ó ti fún àwọn méjèèjì láyè láti máa kà á kí wọ́n sì máa fèsì, kálukú láti inú ímeèlì tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kúrò, ẹ ó yọ ọ́, kò sì ní sí ìdáhùn kankan tí ẹ ó tún kọ.

Ẹ yọ ìdí tí òṣìṣẹ́ kò fi sí nílé kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó yín, nítorí àdúrà ló ń béèrè, àdúrà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé sí i ni ìdáhùn yìí ń lọ bá, títí kan àjèjì. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ ro ohun tí gbájúẹ̀ lè fi ṣe: bó bá ti mọ̀ pé akọ̀wé owó wà ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sanwó sí àkáǹtì mìíràn. “Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́” ti tó.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti fìdí múlẹ̀ lẹ ó tó wá dé orí èdè. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùgbàlejò yín ni kí ẹ wò níhìn-ín. “Ẹ ǹlẹ́ o” tirẹ̀ ni mo mú, mo sì fi “Ẹ káàárọ̀” tó wà nínú ìwé ti ẹ̀ka Oǹdó sílẹ̀, torí ìdáhùn aládàáṣe kò mọ ìgbà tí ìwé yóò wọlé. Ẹni tó kọ̀wé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò gba “Ẹ káàárọ̀”, yóò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò bìkítà. “Ẹ” ni kí ẹ fi bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, “mo” fún òṣìṣẹ́ kan, “a” fún ọ́fíìsì. Yorùbá àjùmọ̀lò ni kí ẹ kọ, nítorí ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkálẹ̀ àti ará Àkókó ló jọ ń ka ìwé yín.

Mẹ́ta péré ni mo rò pé ẹ nílò. Fún òṣìṣẹ́ tó lọ sí ìsinmi:

> Ẹ ǹlẹ́ o. Ìwé yín ti dé. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. N ó padà ní [ỌJỌ́ ÀTI DÉÈTÌ]. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá lè dúró dìgbà náà, ẹ kọ̀wé sí [ÀDÍRẸ́SÌ ÀJÙMỌ̀LÒ]. Bó bá lè dúró, ẹ má ṣèyọnu láti tún un kọ. N ó dá yín lóhùn nígbà tí mo bá dé. A dúpẹ́.

Fún ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá wà ní títì:

> Ẹ ǹlẹ́ o. Ìwé yín ti dé. Ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà ní títì fún [ỌDÚN]. A ó ṣí ní [ỌJỌ́ ÀTI DÉÈTÌ], láti ọjọ́ náà ni a ó sì ti máa dáhùn ìwé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ kú ọdún o.

Fún àdírẹ́sì àjùmọ̀lò:

> Ẹ ǹlẹ́ o. Ìwé yín ti dé ọ̀dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ kan yóò kà á, yóò sì kọ̀wé sí yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ìdáhùn yìí kò túmọ̀ sí pé a ti fọwọ́ sí ohun tí ẹ béèrè. A dúpẹ́.

Ìkejì yẹn, ẹ má kọ déètì Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí Iléyá sí i ṣáájú. Oṣù ni wọ́n ń wò, ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ sì máa ń kéde ọjọ́ ìsinmi. Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ títí ìkéde yóò fi jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ti òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó dán ìkíní wò. Ká ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2026 ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, tí yóò sì padà ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ. Ohun tí yóò kọ ni “n ó padà ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2026”. Orúkọ ọjọ́ àti orúkọ oṣù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi déètì kà. Nínú `Vacation responder` tó wà nínú ètò Gmail rẹ̀, yóò fi ọjọ́ 25 oṣù Keje sí `First day`. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ni yóò fi sí `Last day`, kì í ṣe ọjọ́ 10, torí aago 11:59 alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni Gmail ń dáwọ́ dúró. Bó bá kọ 10, ó ti jókòó sórí àga rẹ̀ tán, ímeèlì rẹ̀ ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé kò sí. Kó má ṣe fàmì sí `Only send a response to people in my Contacts`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń kọ̀wé sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní rí ìdáhùn kankan. Ti àdírẹ́sì àjùmọ̀lò kò ní òpin, nítorí náà ẹ má fàmì sí `Last day` tirẹ̀ rárá.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi orúkọ àti ipò sí ìsàlẹ̀ ìkankan nínú wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ní `Signature` nínú Gmail rẹ̀, ó máa ń bọ́ sábẹ́ ìdáhùn náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ ìbá jáde.

Kí ẹ tó fi lélẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ara yín láti àdírẹ́sì tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì, kí ẹ ka èsì rẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì láti àdírẹ́sì kan náà tí èsì kò wá, kò tíì bàjẹ́: ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin ni Gmail sábà máa ń dá ẹnì kan náà lóhùn, àfi bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Nítorí èyí náà, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè gba ìdáhùn sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣí àpótí pé kí wọ́n má rò pé ó ti mọ̀ pé ìwé kejì dé.

Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì kan, kí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò máa mú, àlàfo nìkan ni yóò sì fọwọ́ kàn. Èyí yóò tún gbà yín lọ́wọ́ àmì ohùn, torí méjì nínú márùn-ún yín ló ní àmì, mẹ́ta kò ní, bóyá nítorí kíbọọ̀dù tí wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ń béèrè líìfù, kí ó fi ìdáhùn tó ti kún àlàfo rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù líìfù náà, kí ọ̀gá yín rí déètì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó fọwọ́ sí i.