Èsì: Ọkọ̀ kọnkéré mélòó?

“Ilé mi ní Kábà ní òpó 12, 0.23 sí 0.23, gíga mítà 3. Dẹ́kìn jẹ́ mítà 12 sí 9, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 15. Ọkọ̀ mélòó ni kí n ní kí wọ́n gbé wá?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ilé. Ẹ má ro òpó pọ̀ mọ́ dẹ́kìn o, ọjọ́ kan náà kọ́ lẹ máa dà wọ́n. Gbogbo òpó yẹn kò ju bíi kúbíìkì mítà 1.9 lọ, ẹ fi mísà po ìyẹn ní sáìtì.

Dẹ́kìn ló nílò ọkọ̀: 12 × 9 × 0.15 = 16.2. Ẹ fi 5 nínú 100 kún un fún èyí tó máa dànù, ó di 17. Bí ọkọ̀ bá ń gbé kúbíìkì mítà 6, ọkọ̀ 3 nìyẹn: 6, 6, 5.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí ìkẹta máa gbé. Méjì àkọ́kọ́ yẹ kó bo sikúwíà mítà 80 nínú 108. Dẹ́kìn tèmi náà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ 74 péré ni méjì bò. Pákó ti tẹ̀ láàárín, nínípọn ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 16. Mo ṣírò ìyókù: 34 × 0.162, ó jẹ́ 5.5, mo bá ní kí wọ́n gbé 6 wá. Ká ní 5 ni, bíi sikúwíà mítà 3 ì bá ṣẹ́kù ní kọ̀ǹrọ̀, òòrùn Kábà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí kọnkéré bá gan lọ́nà, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ bu omi sí i.