Àkọlé Tí Kì í Tún Ọ̀rọ̀ Ewì Sọ

Ìbéèrè: Mo kọ ewì onílà mẹ́jọ kan nípa ìyá tó ń bu oúnjẹ sílẹ̀ lálaalẹ́ de ọmọ rẹ̀, tí kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Mo pè é ní "Ìyá Ń Retí Ọmọ Rẹ̀". Àwọn tó kà á ní àkọlé náà kò fi nǹkan kan kún un. Irú èwo ló yẹ kí n wá?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ, àkọlé yín sì tún ń ba ewì náà jẹ́. Nínú ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́, ìlà keje ni òǹkàwé ti ń mọ ẹni tí ìyá bu àmàlà dè. Kàyéfì ni ìlà mẹ́fà tó ṣáájú ń dá sí i lọ́kàn, àkọlé yín sì ti já a kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bo àkọlé náà, kí ẹ fún ẹni tí kò mọ ewì náà kà, kí ó sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀. Bí gbólóhùn rẹ̀ bá jọ àkọlé yín, ẹ wá òmíràn.

Ohun tí ewì kò sọ, tí òǹkàwé sì nílò, ni kí ẹ wá. Ewì onílà méjì tí Ezra Pound, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1913 fi ojú àwọn èrò wé òdòdó lára ẹ̀ka igi tí omi rin, láìdárúkọ ibì kankan. Àkọlé rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ká mọ̀ pé ibùdókọ̀ ojú irin la wà.

Bí ẹ bá pe tiyín ní "Ọdún Kẹrin", iye àkókò yóò wúwo lórí "lálaalẹ́" tó wà ní ìlà kìíní. Bí ẹ bá pè é ní "Ohun Tí Àbúrò Rí", a ó mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "ìyá" inú ewì gbọ́dọ̀ di "ìyá wa".

Èyí tó wù mí jù ni "Lẹ́yìn Ìsìnkú". Nínú àṣà wa, òbí kì í fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n sọ fún, tí kò sì rí i, ló ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Òǹkàwé yóò mọ ohun tí ìyá náà kò tí ì gbà, ewì yín kò sì ní í dárúkọ ikú rárá. Àmọ́ àkọlé yìí kò ní bá ìlà karùn-ún mu, níbi tí ìyá ti ń béèrè bóyá mọ́tò ló pẹ́, nítorí ìbéèrè ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn kankan ni. Ẹ yọ ìlà náà, tàbí kí ẹ padà sí "Ọdún Kẹrin".

Ẹ má sá lọ bá "Ìfẹ́ Abiyamọ" o. Lóòótọ́ kò sí nínú ewì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó yẹ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ṣe ni.